Bí wọ́n ṣe ń kọ ìtọ́ni fún àwòrán tíṣẹ́ẹ̀tì àti sítíkà: ìlù dùndún Ẹdẹ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ

Ẹni tó bá fẹ́ tẹ àwòrán sí àyà tíṣẹ́ẹ̀tì tàbí kó ṣe sítíkà lónìí lè kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sórí fóònù rẹ̀, kí ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá bíi ChatGPT tàbí Midjourney sì ya àwòrán náà fún un kí ó tó pẹ́. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn kọ yẹn ni ìtọ́ni, òun ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní pírọ́ńpùtù. Àmọ́ àwòrán tó rẹwà lójú fóònù lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ aṣọ kí wọ́n ní kò ṣeé tẹ̀. Ohun tí aṣọ àti sítíkà ń fẹ́ ni ààmì kan ṣoṣo tó tóbi, tó wà ní àárín gbùngbùn, tí ìlà rẹ̀ nípọn, tí kò sì sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ìtọ́ni ni yóò sọ bóyá irú ẹ̀ lẹ máa rí gbà.

Ká wá mú àpẹẹrẹ kan láti ilé. Ká ní ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan ní Alajue, ní Ẹdẹ, fẹ́ tẹ tíṣẹ́ẹ̀tì funfun fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí wọ́n sì tún ṣe sítíkà tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ọ̀kadà àti mọ́tò. Ìlù dùndún ni wọ́n yàn. Ó bá ìlú náà mu, torí pé Ọba Adétóyèṣe Láoyè, tó jẹ́ Tìmì Ẹdẹ láti 1946 títí di 1975, mọ ìlù lù dáadáa, ó sì kọ̀wé nípa ìlù Yorùbá.

Ìtọ́ni tí kò tó

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ kọ nìyí:

```
African drum t-shirt design for Ede, transparent background
```

Ó dà bíi pé gbogbo ẹ̀ ti pé, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ló lè dà rú níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ìlù fúnra rẹ̀. Tí èèyàn bá kàn kọ pé kí ẹ̀rọ ya ìlù ilẹ̀ Áfíríkà, ìlù jẹ́ńbè ló sábà máa ń yà, ìyẹn ìlù olójú kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ lù, torí pé irú ìlù bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ọmọ Ẹdẹ tó bá wọ ìyẹn sáyà, àwọn onílù á fi rẹ́rìn-ín. Orúkọ “dundun” nìkan náà lè má tó. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣàpèjúwe rẹ̀ bí ẹni ń ṣàpèjúwe fún àlejò tí kò rí i rí: ìlù tí ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, tó ní ojú méjì, tí ọsán sì so láti ojú kan dé ojú kejì, pẹ̀lú kọ̀ǹgọ́ rẹ̀ tó tẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ náà “t-shirt”. Ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ ààmì tí wọ́n máa tẹ̀ sára aṣọ, àmọ́ ẹ̀rọ lè gbọ́ ọ pé aṣọ ni kí òun yà. Ohun tó máa gbé jáde ni tíṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi kọ́, tàbí ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ̀ ọ́, pẹ̀lú ìlù kékeré láyà rẹ̀. Èèyàn ò lè yọ ìlù yẹn jáde kó mọ́, torí ó ti tẹ̀ lé bí aṣọ ṣe rún. Bí “sítíkà” náà ṣe ń ṣe nìyẹn: ẹ̀rọ sábà máa ń fi etí funfun yí àwòrán ká, á sì fi òjìji sábẹ́ rẹ̀ kó lè dà bíi sítíkà gidi. Ó sàn kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ méjèèjì kúrò, kí wọ́n sọ irú àwòrán tí wọ́n ń fẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀yìn àwòrán. Nígbà míì, tí wọ́n bá ní kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo pátápátá, ẹ̀rọ á ya àwọn igun kéékèèké funfun àti eérú bíi ti pátákó ayò dírááfù, torí pé báyìí ni ohun tó ṣófo ṣe máa ń hàn lójú kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe pé ó ṣófo o, ó yà á ni. Tí ẹ bá gbé e lọ fún atẹ̀wé, àwọn igun yẹn náà máa wà lára aṣọ. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n kò le: ẹ ṣí àwòrán náà sórí ojú ewé tó ní àwọ̀ mìíràn. Tí àwọn igun yẹn bá ṣì hàn, ẹ̀yìn rẹ̀ ò ṣófo.

Ìtọ́ni tó dúró

Èyí ni ẹgbẹ́ náà lè tẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ yìí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju Yorùbá lọ, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì:

```
One Yoruba dundun talking drum: hourglass body,
a drumhead at each end, leather cords running
from one head to the other, one curved stick beside it.
Centred, whole drum visible, wide empty margin all round.
Flat illustration, thick black outlines,
3 flat colours: black, brown, cream.
Background: one solid bright green, edge to edge.
```

Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ àti bí ó ṣe rí. Ìlà kẹrin sọ ibi tí ó máa wà: ní àárín, kó hàn tán, kí àyè sì wà yí i ká. Tí wọn ò bá béèrè àyè yẹn, etí àwòrán lè gé orí kọ̀ǹgọ́ dànù. Ìlà karùn-ún àti ìkẹfà sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kó yà á: ìlà tó nípọn àti àwọ̀ mẹ́ta péré. Iye àwọ̀ yìí kan owó. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi skírìn tẹ aṣọ, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní skírìn tirẹ̀, nítorí náà àwòrán aláwọ̀ mẹ́jọ nílò skírìn mẹ́jọ.

Ìlà tó kẹ́yìn ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Kí ló dé tó fi jẹ́ àwọ̀ ewé, nígbà tí aṣọ jẹ́ funfun? Awọ ojú ìlù fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Tí ẹ̀yìn àwòrán náà bá jẹ́ funfun, nígbà tí wọ́n bá ń yọ funfun yẹn kúrò, ojú ìlù lè bá a lọ, kó ku ihò. Ẹ yan àwọ̀ tí kò sí níbì kankan lára ààmì náà, kí yíyọ rẹ̀ má bàa kan nǹkan mìíràn.

Àwọ̀ aṣọ náà gbọ́dọ̀ wà lọ́kàn kí wọ́n tó kọ ìtọ́ni. Ìlà dúdú yìí dára lórí tíṣẹ́ẹ̀tì funfun. Tó bá jẹ́ tíṣẹ́ẹ̀tì dúdú ni, ìlà náà máa wọnú aṣọ, ìlù á sì dà bíi pé kò ní etí. Nígbà náà, kí wọ́n ní kí ìlà jẹ́ àwọ̀ awọ, kì í ṣe dúdú.

Ẹni tó ń lo Midjourney lè fi èyí kún ìparí ìtọ́ni, kó lè jẹ́ onígun mẹ́rin dọ́gba, láìsí òjìji, ọ̀rọ̀ tàbí èèyàn:

```
--ar 1:1 --no shadow, text, people
```

Lórí àwọn ẹ̀rọ tí kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, ó sàn kí èèyàn sọ ohun tó fẹ́ ju ohun tí kò fẹ́ lọ. Orúkọ òjìji tí wọ́n dá lè jẹ́ kí ẹ̀rọ rántí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ sábẹ́ rẹ̀

Kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ bá yín kọ orúkọ ẹgbẹ́ tàbí orúkọ ìlú. Ó máa ń fo ààmì ohùn, ó sì lè fi àmì sábẹ́ lẹ́tà tí kò yẹ. “Ẹdẹ” tí kò ní àmì lábẹ́ ti di “Ede”, èdè ni ẹni tí kò mọ ìlú náà máa kà á sí. Ẹ jẹ́ kó ya ìlù nìkan, kí ẹ wá fi ọwọ́ tẹ orúkọ sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú irú lẹ́tà tó ní gbogbo àmì Yorùbá, bíi Noto Sans.

Bí ó ṣe máa tóbi tó

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ń gbé àwòrán tó jẹ́ píksẹ́lì 1024 ní ìbú àti 1024 ní òró jáde. Píksẹ́lì ni àwọn ẹ̀ka kéékèèké tí wọ́n fi to àwòrán jọ. Kí àwòrán tó lè mọ́ lórí ohun tí wọ́n tẹ̀, 300 lára wọn ni wọ́n sábà máa ń kà sí íǹṣì kan. Tí ẹ bá pín 1024 sí ọ̀nà 300, íǹṣì mẹ́ta àti díẹ̀ ló máa jẹ́. Ẹ sì rántí pé a fi àyè sílẹ̀ yí ìlù ká. Tí ìlù fúnra rẹ̀ bá gba píksẹ́lì 700, íǹṣì méjì lé díẹ̀ ni. Ó tó fún sítíkà kékeré. Tíṣẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ ìlù oní-íǹṣì mẹ́wàá ńkọ́? Píksẹ́lì 3000 ló ń béèrè. Tí wọ́n bá kàn fà á gùn, etí rẹ̀ á di jágajàga.

Ibí ni ìlà tó nípọn àti àwọ̀ mẹ́ta ti wúlò lẹ́ẹ̀kejì. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣeé sọ di ìlà tí kì í bàjẹ́ bó ti wù kí wọ́n fà á tó. Nínú Inkscape, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n á lọ sí `Path > Trace Bitmap`, wọ́n á yan aláwọ̀ púpọ̀, wọ́n á mú ààmì kúrò níwájú `Stack` kí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lè dá dúró, wọ́n á sì fi iye rẹ̀ sí 4: àwọ̀ mẹ́ta ti ìlù àti àwọ̀ ewé ẹ̀yìn. Wọ́n á wá tẹ àwọ̀ ewé náà, kí wọ́n pa á rẹ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ẹ̀rọ ò dúró lórí àwọ̀ mẹ́ta gan-an, kó jẹ́ pé àwọ̀ igi tó jọra ló pọ̀ níbẹ̀. Iye 4 yẹn náà ló máa kó wọn pa pọ̀.

Kí wọ́n tó gbé e lọ fún atẹ̀wé

Ẹ ka nǹkan lára ìlù náà: ojú méjì ni, kọ̀ǹgọ́ ò ju ẹyọ kan lọ, ọsán kọ̀ọ̀kan sì dé ojú kejì. Ẹ̀rọ máa ń ya ọsán tó já sófo láàárín. Tí ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ tún ìtọ́ni náà fi sílẹ̀ kó ya òmíràn, ó yá ju kí ẹ máa tún èyí tó bàjẹ́ ṣe. Ẹ wo etí ìlù náà dáadáa bóyá àwọ̀ ewé ṣì kù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ di kékeré lójú fóònù títí kó fi tó èékánná àtàǹpàkò. Tí ẹ bá ṣì mọ̀ pé dùndún ni, ẹni tó wà ní òdìkejì títì máa mọ̀ ọ́n láyà aṣọ.

Tó bá jẹ́ WhatsApp lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ má fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, á sì dín mímọ́ rẹ̀ kù. Ẹ yan `Document`, kí fáìlì náà lè dé ọwọ́ atẹ̀wé bó ṣe kúrò lọ́wọ́ yín.