Ìpín èrè kì í ṣe èlé: ìtàn ọ̀rọ̀ kan lórí ìwé ṣíà

Nínú ọ̀pọ̀ ilé olùkọ́ àgbà ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré, bí wọ́n bá ṣí àpótí lẹ́yìn ìsìnkú, oríṣi ìwé méjì ló máa ń jáde. Ọ̀kan ni ìwé báńkì, tí wọ́n kọ iye owó tó wọlé àti iye tó jáde sí. Èkejì ni ìwé onípìn-ín, tí wọ́n kọ iye ṣíà sí, tí ọ̀rọ̀ kan sì wà lára rẹ̀: dífídẹ́ńdì. Àwọn ọmọ á ka ìwé méjèèjì pọ̀, wọn á sọ pé, "Owó tí Bàbá fi pamọ́ nìyí, èlé rẹ̀ sì rèé." Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ la fẹ́ tọ́ka sí lónìí, torí ó lè na ìdílé ní owó púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ìwé ṣíà ṣe dé inú àpótí olùkọ́. Ọdún 1960 ni wọ́n forúkọ ọjà ṣíà Èkó sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1961. Láyé ìgbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ló ní èyí tó pọ̀ jù nínú okòwò ńlá ilẹ̀ yìí. Ní 1972, ìjọba ológun Gowon gbé òfin kan jáde tó kó àwọn òwò kan sílẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà nìkan, tó sì ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ta ó kéré tán ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ṣíà wọn fún ọmọ ilẹ̀ yìí. Ní 1977, ìjọba Ọbásanjọ́ tún òfin náà ṣe, ó sì sọ iye náà di ìdá ọgọ́ta fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́. Báyìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bíà, ọṣẹ àti ọjà ìtajà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣíà fáwọn aráàlú. Olùkọ́, akọ̀wé ìjọba àti oníṣòwò kòkó tó rówó lọ́wọ́ lè kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó rà kì í ṣe ibi tí yóò fi owó pamọ́ sí. Apá kan ilé-iṣẹ́ náà ló rà, bó ti wù kí apá náà kéré tó.

Ìyàtọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Èkìtì, ìgbà tí ó bá ti rántí oko kòkó. Nígbà tí olóko bá gbé oko rẹ̀ fún alágbàṣe láti máa tọ́jú, tí wọ́n sì ní kí alágbàṣe gba ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó bá so, wọn kò dárúkọ owó kankan. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, ìpín á pọ̀. Bí àrùn bá jẹ kòkó dúdú lórí igi, kí oníkálukú gba ohun tó bá kù. Ìpín èrè nìyẹn, dífídẹ́ńdì gan-an: ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Látìn tó ti wá ni "ohun tí a óò pín". Ohun tí a kò bá kórè, a kò lè pín in.

Èlé ní tirẹ̀, láti inú gbèsè ló ti wá. Láyé àtijọ́, ẹni tó yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé, kò sì dín owó orí gbèsè kù rárá. Bóyá oko ẹni tó yá owó so, bóyá kò so, ìwọ̀fà gbọ́dọ̀ lọ síṣẹ́. Olówó kò ní ìpín nínú oko onígbèsè, kò sì bá a pín àdánù. Bí a bá fi owó sí báńkì, àwa la di olówó, báńkì ló di onígbèsè. Ó gbọ́dọ̀ san èlé tó bá ṣèlérí, kó sì dá owó wa padà, ì báà jèrè, ì báà má jèrè.

Ẹ jẹ́ ká fi iye ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní olùkọ́ kan ní Èmùré ní 20,000 náírà ní báńkì, èlé rẹ̀ sì jẹ́ ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Yóò gba 800 náírà. Olùkọ́ yìí kan náà ní ṣíà 2,000 nínú ilé-iṣẹ́ kan. Ní ìparí ọdún, ilé-iṣẹ́ náà ka owó rẹ̀, ó yọ gbogbo ìnáwó, ó yọ èlé tó jẹ báńkì, ó yọ owó orí ìjọba, ó wá rí èrè. Àwọn olùdarí pinnu pé kí wọ́n fi díẹ̀ nínú èrè náà pa mọ́ fún iṣẹ́, kí wọ́n sì pín 60 kọ́bọ̀ lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 1,200 náírà fún olùkọ́ wa. Wọ́n yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún owó orí, èyí tí ó jẹ́ 120 náírà, ìwé rẹ̀ sì fi 1,080 náírà hàn. Ní ọdún kejì, owó dọ́là gbówó lérí, ilé-iṣẹ́ náà pàdánù. Báńkì ṣì san 800 náírà, ṣùgbọ́n lórí ṣíà, òdo ni wọ́n kọ. Olùkọ́ wa kò lè pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ pé kò san dífídẹ́ńdì, nítorí kò sí gbèsè tó jẹ ẹ́.

Ìgbà wo wá ni dífídẹ́ńdì máa ń di gbèsè? Àwọn olùdarí ló máa ń dábàá iye rẹ̀, àwọn onípìn-ín ló sì máa ń fọwọ́ sí i ní ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún. Òfin ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà gbà kí ìpàdé dín iye tí àwọn olùdarí dábàá kù, kò gbà kí ó fi kún un. Ó tún sọ pé inú èrè tó ṣeé pín nìkan ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ san án, kì í ṣe inú owó ìpilẹ̀ṣẹ̀ ilé-iṣẹ́. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé owó ìpilẹ̀ṣẹ̀ ló ń dáàbò bo àwọn tí ilé-iṣẹ́ jẹ ní gbèsè. Ẹni tó bá ń pín àgbàdo tí a fẹ́ fi gbìn kì í pín èrè, oko ló ń jẹ.

Ìyàtọ̀ tó tóbi jù lọ kì í hàn lórí ìwé títí ọjọ́ tí wàhálà bá dé. Ní August 2011, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì mẹ́ta tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn, ọ̀kan nínú wọn ni Afribank. Wọ́n kó owó àwọn oníbàárà rẹ̀ sínú báńkì tuntun kan tó ń jẹ́ Mainstreet. Ẹni tó fi owó pamọ́ sí Afribank lọ sùn, ó jí, owó rẹ̀ ṣì wà, orúkọ báńkì nìkan ló yí padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ṣíà Afribank di ẹni tó ní ìwé lásán. Ní 2014, Skye Bank ra Mainstreet. Ní September 2018, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ Skye Bank náà, wọ́n sì kó owó àwọn oníbàárà lọ sí Polaris. Ọ̀rọ̀ náà tún rí bákan náà: owó àwọn tó fi pamọ́ kọjá, ṣíà kò kọjá. Owó kan náà ti la ìjì méjì já torí pé gbèsè ni. Ìpín kò là á já, torí pé bí ilé bá wó, àwọn tí a jẹ ní gbèsè ló kọ́kọ́ gba tiwọn, onílé ló máa ń gba àṣẹ́kù, àṣẹ́kù sì lè má sí. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo owó ní báńkì pàápàá kì í bo ṣíà.

Kí ló wá dé tí ẹnikẹ́ni fi ń ra ṣíà? Nítorí pé òkè ọ̀hún náà kò ní ìdí ààlà. Bí ilé-iṣẹ́ bá jèrè ìlọ́po méjì, báńkì kò ní fi kọ́bọ̀ kan kún èlé ẹni tó yá a lówó, ṣùgbọ́n onípìn-ín lè gba ìlọ́po méjì. Ìyẹn ló mú kí ìwé ṣíà 1977 tí a gbàgbé sínú àpótí lè níye lórí ju ìwé báńkì ọdún kan náà lọ.

Gbígbàgbé yìí ní òfin tirẹ̀. Òfin ìnáwó 2020 sọ pé dífídẹ́ńdì ilé-iṣẹ́ tó wà lórí ọjà ṣíà, tí kò sí ẹni tó wá gbà á fún ọdún mẹ́fà, àti owó tó ti sùn ní báńkì fún iye ọdún kan náà, kí wọ́n kó wọn sínú àpò kan tí ìjọba ń tọ́jú. Ẹni tó ni ín ṣì lè béèrè fún un. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìwé onípìn-ín nínú àpótí, ilé-iṣẹ́ rẹ́jísítírà tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé náà ni kí ẹ wá, kì í ṣe báńkì. Bí olówó bá ti kú, wọn á béèrè ìwé àṣẹ ìṣàkóso ohun-ìní láti ilé ẹjọ́ gíga, èyí tó wà ní Adó-Èkìtì fún àwa ará ìpínlẹ̀ yìí. Ẹ má sì gbàgbé pé dífídẹ́ńdì tí a kò gbà kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà: ṣíà gan-an ṣì wà lórúkọ olóògbé.

Ìmọ̀ yìí tún ń dáàbò boni. Ní 2016, ètò MMM ṣèlérí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, ó sì dì pa ní December ọdún náà. Bí ẹnikẹ́ni bá pe owó kan ní dífídẹ́ńdì, tó sì tún ní iye rẹ̀ kì í yí padà, tó ń wọlé lóṣooṣù bí owó oṣù, ẹ béèrè ìbéèrè méjì lọ́wọ́ rẹ̀: èrè iṣẹ́ wo ni a ń pín, ìpàdé wo ló sì fọwọ́ sí i? A mọ̀ pé irú ṣíà kan wà tí ilé-iṣẹ́ ń dárúkọ iye kan pàtó fún, tí wọ́n sì ń san tirẹ̀ ṣáájú ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n òun náà ń dúró de èrè kí ó tó wọlé. Bí kò bá sí oko, kò sí kòkó. Bí kò bá sí kòkó, ohun tó ń pín fún yín lónìí lè jẹ́ owó tí ẹlòmíràn mú wá lánàá.