Ìpín Àbùjá àti Ohun Tí Àṣẹ́kù Rẹ̀ Ń Sọ

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá sọ 'synthetic division', orúkọ tí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ fún ọ̀nà ìṣirò yìí, 'àtọwọ́dá' ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Ohun ayédèrú là ń pè bẹ́ẹ̀, ìpín yìí kì í sì í ṣe ayédèrú. Ọdún 1804 ni Paolo Ruffini, ará Ítálì, gbé e jáde. Títí di òní, 'òfin Ruffini' ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Bó ṣe jẹ́ pé ó ń gé ọ̀nà kúrú, 'ìpín àbùjá' bá a mu jù.

Ẹ jẹ́ ká fi x − 2 pín x³ − 7x + 6. Àwọn nọ́ńbà tó ṣáájú x àti èyí tó dá dúró nìkan là ń kọ, a ó pè wọ́n ní 'aṣáájú'. Nítorí pé x² kò sí níbẹ̀, òdo ni yóò dúró fún un.

```
2 |  1   0  -7   6
  |      2   4  -6
  ----------------
     1   2  -3   0
```

A sọ 1 kalẹ̀, a fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀, a kọ èsì sábẹ́ aṣáájú tó kàn, a sì rò wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ó máa ṣe títí dé òpin. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ni àṣẹ́kù. Òdo ni, nítorí náà x − 2 pín in láìkù síbìkan. Ìdáhùn sì ni x² + 2x − 3.

Ẹni tó bá gbàgbé òdo ipò x² yóò rí −4 níbi àṣẹ́kù, yóò sì rò pé x − 2 kò pín in.

Fún x + 3, −3 là ń lò, nítorí òun ló ń sọ x + 3 di òdo, bí 2 ṣe ń sọ x − 2 di òdo; àṣẹ́kù sì tún jẹ́ òdo. Ẹni tó bá fi 3 ṣe é yóò rí 12. Irọ́ kọ́ ni 12 yẹn: àṣẹ́kù x − 3 ni. Bí a bá fi 3 rọ́pò x nínú ìṣirò náà, 27 − 21 + 6, 12 kan náà la ó rí. Àṣẹ́kù ni iye tí gbogbo ìṣirò náà jẹ́ nígbà tí x bá jẹ́ nọ́ńbà tí a fi dán an wò.

Èyí ló mú kí 'àṣẹ́kù' fẹ́ àlàyé díẹ̀. Lọ́jà, ohun tó ṣẹ́ kù kì í kéré ju òdo lọ. Ṣùgbọ́n x + 4 yóò fún wa ní −30. Ọ̀rọ̀ náà ṣì dára, bí olùkọ́ bá ti sọ pé iye ni, kì í ṣe ẹrù tó kù nílẹ̀.

Olùpín tí x rẹ̀ kò ní agbára kankan lórí nìkan ni àbùjá yìí wà fún. A kò lè tìtorí 'linear' pè é ní 'onílà', torí ẹni tó kọlà lonílà. 'Onípele kìíní' ṣe kedere. Bó bá jẹ́ 2x − 4, 2 náà la ó fi dán an wò, àṣẹ́kù kò ní yí padà, ṣùgbọ́n ìdáhùn gbọ́dọ̀ di ìdajì.