Iṣẹ́ Tí Ọfà Ń Ṣe Lórí Pósítà

Nígbà tí kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nọ́ọ̀sì kan tí mo mọ̀ ní Ìgàndó fi fọ́tò pósítà kan ránṣẹ́ sí mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa kọ àwọn wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ ní Yorùbá. A ti ṣe ọ̀rọ̀ gbàǹgbà òkè yẹn.” Àwọn wẹ́wẹ́ ọ̀hún ni gbogbo iṣẹ́. Àkọlé òkè kò ju pé kí ènìyàn máa fọ ọwọ́ lọ, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ ní láti ka àwọn ọ̀rọ̀ tín-ín-tìn-tín tó wà lẹ́bàá ọfà.

Àwòrán tó wà lórí pósítà náà ti pẹ́ láyé. Ní 1958, Wagner àti Lanoix gbé ìwé kan jáde fún Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí bí a ṣe ń palẹ̀ ìgbẹ́ mọ́ ní ìgbèríko, wọ́n sì ya ọ̀nà tí àrùn ń gbà kúrò nínú ìgbẹ́ ẹnì kan bọ́ sí ẹnu ẹlòmíì. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn wá fún ibùdó kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí lẹ́tà kan náà bẹ̀rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kó lè rọrùn láti há sórí. Mi ò dá ara mi lóró lórí ìyẹn. Omi, ọwọ́, eṣinṣin, ilẹ̀, oúnjẹ: kò sí lẹ́tà tó so wọ́n pọ̀, àmọ́ kò sí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n ní Ìkòtún tàbí Ẹgbẹ́dá.

Fọ́tò àkọ́kọ́ kò ṣeé lò. Wọ́n ti fi ọ̀rá bo pósítà náà, iná fóònù sì tàn yòò sórí rẹ̀, ó pa igun ọ̀tún rẹ́. Wáàsáàpù náà ti fún fọ́tò pọ̀ débi tí lẹ́tà kéékèèké fi dà bí èérí. Mo ní kí ó pa iná fóònù, kí ó dúró gbọnrangandan síwájú pósítà, kí ó ya odindi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì ya ìdámẹ́rin kọ̀ọ̀kan láti ìtòsí, kí ó wá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì dípò fọ́tò. Nígbà tí wọ́n dé, mo kọ nọ́ńbà sára gbogbo ohun tó ní ọ̀rọ̀, mo sì kọ nọ́ńbà sára ọfà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kankan lára. Àwọn kan máa ń fo èyí, torí wọ́n gbà pé ohun tí kò ní ọ̀rọ̀ kò nílò ìtumọ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ kò pẹ́. Níbi tí òyìnbó ti kọ oko, “ilẹ̀” ni mo kọ, nítorí ilẹ̀ àgbàlá tí ọmọ ń rá lórí rẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń wí, ẹni tí kò sì lóko kò ní ka “oko” mọ́ ara rẹ̀. Orísun gbogbo ọfà ló fa àríyànjiyàn díẹ̀. Nọ́ọ̀sì fẹ́ “ìgbọ̀nsẹ̀”, torí ó bọ̀wọ̀ fúnni jù. Mo ní ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń rán ènìyàn létí ìlọ àti ìṣe, nígbà tó jẹ́ pé ọfà yìí ń gbé nǹkan, ohun tí à ń gbé sì ni ìgbẹ́. A kọ “ìgbẹ́”, a sì fi “títí kan ti ọmọ ọwọ́” sí i, torí ọ̀pọ̀ ìyá gbà pé ti ọmọ ọwọ́ kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Ọfà gan-an ló le. Ní ilé ìwòsàn kan náà, pósítà ẹ̀fọn máa ń wà níbẹ̀, níbi tí ọfà ti jáde láti ara ẹyin lọ sí ìdin, títí dé ẹ̀fọn tó ń fò. “Di” ni ìtumọ̀ ọfà yẹn: ẹyin di ìdin. Lórí pósítà tó ń fi ìgbésẹ̀ ọwọ́ fífọ̀ hàn, “lẹ́yìn náà” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ ti ẹ̀fọn, tó wá rí ọfà láti eṣinṣin sí oúnjẹ, lè kà á pé eṣinṣin di oúnjẹ. Kò ṣì í, bí ọfà ṣe kọ́ ọ ló ṣe kà á.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ fún ọfà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ ìṣe tirẹ̀. Ìgbẹ́ ń ṣàn wọ omi, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé eṣinṣin, Yorùbá kọ̀. Eṣinṣin ló ń bà lé ìgbẹ́, ìgbẹ́ kì í bà lé eṣinṣin, bẹ́ẹ̀ ara ìgbẹ́ ni ọfà ti jáde. Bí mo bá kọ “ń bà lé”, ọ̀rọ̀ ń lọ síwájú, ọfà ń lọ sẹ́yìn. Ohun tó tú u ni “gbà”: ìgbẹ́ ń gba ara eṣinṣin dé oúnjẹ, ó ń gba ọwọ́ dé ẹnu, ó ń gba inú omi dé ẹnu. Arìnrìn-àjò kan ṣoṣo ló wà, ibi tó ń gbà ló ń yàtọ̀. Nítorí náà mo yọ ọ̀rọ̀ ìṣe kúrò lára gbogbo ọfà, mo kó o sínú àpótí ìtumọ̀ àmì nísàlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré: “Ọfà: ibi tí ìgbẹ́ ń gbà dé ẹnu.”

Nínú àpótí yẹn kan náà ni ìlà méjì tó ń dá ọfà dúró wà. Òyìnbó pè wọ́n ní ìdènà kìíní àti ìdènà kejì. Bí a bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń kà á á rò pé kejì kò ṣe pàtàkì tó kìíní, tàbí pé a gbọ́dọ̀ parí kìíní ká tó bọ́ sí kejì. Ibi tí wọ́n dúró sí ló yà wọ́n: ṣáláńgá ń dí ìgbẹ́ kó má tilẹ̀ jáde, ọwọ́ fífọ̀ àti omi sísè ń dí èyí tó ti jáde. Mo kọ “Dí i níbi tó ti ń jáde” àti “Dí i kó tó wọ ẹnu”. Mo sì kọ wọ́n sára ìlà náà gan-an, torí fótókọ́pì dúdú ni wọ́n máa pín, kò sì sí pupa tàbí àwọ̀ ewé nínú fótókọ́pì.

Àmì orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà Yorùbá ń fẹ́ àyè. Kọ̀ǹpútà kò ní kóòdù kan ṣoṣo fún ọ̀, ọ ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀, kó tó gbé àmì lé e, irú lẹ́tà mìíràn á sì gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́. Tí ìlà bá há mọ́ra, àmì abẹ́ lẹ́tà á wọ inú ọfà, “fọ ọwọ́” á di “fọ owó”. Mo fẹ àyè àárín ìlà, mo sì gé ọ̀rọ̀ kúrú dípò kí n sọ lẹ́tà di kékeré.

Nọ́ọ̀sì gbé e lọ fún àwọn ìyá tó ń dúró de abẹ́rẹ́ ọmọ. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má bi wọ́n bóyá ó yé wọn, torí ta ni yóò sọ fún nọ́ọ̀sì pé kò yé òun? Kí wọ́n fi ìka tọ ọfà, kí wọ́n máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Èyí tó kù díẹ̀ káàtó ni ọfà olórí méjì tó wà láàárín ṣáláńgá àti kànga, tí wọ́n kọ 30 mítà sí. Àwọn kan ní ìgbẹ́ ń lọ, ó ń bọ̀. Ìwọ̀n jíjìnnà ni. Mo yọ orí ọfà méjèèjì, mo fi ìlà lásán rọ́pò rẹ̀, mo kọ “ó kéré tán, 30 mítà (bí 100 ẹsẹ̀ bàtà)”.

Ìyá kan wá bi í léèrè pé ilẹ̀ ta ló gba ìyẹn. Ilẹ̀ kan ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ tí Ìgàndó wà sábà máa ń jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú, 120 ní gígùn, ìdajì rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń rà. Èmi kò lè dín nọ́ńbà kù, iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sì mú gbólóhùn kan wá láti fi sábẹ́ ìlà náà: “Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ se omi kànga yín kí ó hó kí ẹ tó mu ún.” Mo wá ibi tí yóò gbà, mo sì gbé e sí ibi tí orí ọfà wà tẹ́lẹ̀.