Mímọ Àríwá Kì í Ṣe Mímọ Ibi Tí A Wà: Ìtàn Bí A Ṣe Mọ Ohun Tí Ẹyẹ Fi Ń Rìnrìn Àjò

Nínú èdè wa, ohun ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn mọ apá ibi tó kọjú sí, ohun ọ̀tọ̀ sì ni kó mọ ibi tó wà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n di ẹnì kan lójú ní Ìbàdàn, wọ́n wá lọ já a sílẹ̀ sínú igbó kan. Bí wọ́n bá tú aṣọ lójú rẹ̀ ní àárọ̀, yóò wo oòrùn, yóò ní, "Ìlà-oòrùn nìyí." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá mọ̀ bóyá Ẹdẹ ni wọ́n gbé e dé tàbí Ṣakí, ìlà-oòrùn tó mọ̀ yẹn kò lè gbé e délé. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni òpó tó gbé gbogbo ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí dúró.

Pé ẹyẹ ń ti òkè òkun wá sọ́dọ̀ wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fara hàn. Ní ọdún 1822, wọ́n yìnbọn pa ẹyẹ àkọ̀ kan nítòsí ìlú Klütz ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n sì bá ọ̀kọ̀ kan tí ó gún un ní ọrùn gba òdìkejì já. Igi ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n fi ṣe ọ̀kọ̀ náà, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bí 80 sẹ̀ǹtímítà. Ẹyẹ náà ti gbé ọ̀kọ̀ wa fò délé! Ó ṣì wà ní yunifásítì ìlú Rostock títí di òní. Ọ̀kọ̀ yẹn jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ẹyẹ ń lọ. Ohun tí kò lè sọ fún wọn ni bí ẹyẹ ṣe ń mọ ọ̀nà.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí ojú ìbéèrè yẹn dáadáa ni Gustav Kramer, ọmọ Jámánì. Ó ń sin ẹyẹ sítálìn sínú àgò róbótó. Bí àkókò ìrìn-àjò bá ti tó, ara ẹyẹ inú àgò kì í balẹ̀ mọ́: yóò máa gbọn ìyẹ́, yóò máa ta sí apá kan ṣoṣo, ìyẹn apá tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà níta ń fò gbà. Kramer fi dígí yí ọ̀nà tí ìtànṣán oòrùn ń gbà wọlé padà, àwọn ẹyẹ náà sì yí pẹ̀lú rẹ̀. Oòrùn ni wọ́n ń wò, wọ́n sì ń fi wákàtí inú ara wọn ṣírò bí oòrùn ṣe ń rìn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ Kramer ni ọ̀rọ̀ tó sọ ní ọdún 1953: pé ẹyẹ tó fẹ́ délé láti ibi àjèjì nílò ohun méjì. Ó nílò àwòrán ilẹ̀, èyí tí yóò sọ ibi tó wà fún un, ó sì nílò kọ́ńpáàsì, tí yóò fi mọ apá ibi tó yẹ kó kọjú sí. Oòrùn, kọ́ńpáàsì lásán ni.

Ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì kan, A. C. Perdeck, ló wá fi ẹyẹ gidi dán ọ̀rọ̀ náà wò. Lọ́dọọdún nígbà ìwọ́wé, àwọn sítálìn kan máa ń gba etíkun Họ́láǹdì kọjá, wọ́n ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù, sí apá gúúsù Ìgìláńdì àti àríwá ilẹ̀ Faransé. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n mú ju 11,000 nínú wọn ní ìlú Hágùù, wọ́n fi òrùka sí wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kó wọn lọ sí Swítsálándì, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Àgbà ẹyẹ wà nínú wọn, àwọn tó ti lọ tí wọ́n ti bọ̀ rí. Ọmọ ọdún yẹn náà wà nínú wọn, tí kò tíì dé ibẹ̀ rí.

Ní ọdún 1958 Perdeck tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Àwọn àgbà ẹyẹ ti mọ̀ pé wọn kò sí níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Wọ́n yí padà sí àríwá-ìwọ̀-oòrùn, apá tí wọn kì í gbà láyé wọn, wọ́n sì ń lọ tààrà sí ibi tí wọ́n máa ń lò nígbà òtútù. Àwọn ọmọ ní tiwọn kò mọ nǹkan kan. Apá tí ì bá gbé wọn dé Ìgìláńdì ká ní Họ́láǹdì ni wọ́n ti gbéra, apá náà ni wọ́n kọjú sí láti Swítsálándì. Gúúsù ilẹ̀ Faransé àti Sípéènì ni wọ́n bọ́ sí. Ṣé ẹ rí i? Apá tó tọ́ ni wọ́n kọjú sí, àmọ́ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ló tọ́. Ọmọ ẹyẹ ní kọ́ńpáàsì láti inú ẹyin wá. Kò ní àwòrán ilẹ̀.

Níbo wá ni kọ́ńpáàsì yìí wà lóru, nígbà tí oòrùn ti wọ̀? Nítorí òru ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ẹyẹ kéékèèké ń fò. Ní Améríkà, Stephen Emlen mú ẹyẹ kékeré kan tí ìyẹ́ akọ rẹ̀ rí bí aró, ó gbé e sínú àgò tó dà bí àrọ. Tàdáwà ló wà nísàlẹ̀ àgò, bébà sì ni ògiri rẹ̀. Bí ẹyẹ bá ti ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ya sára bébà. Ibi tí bébà bá ti dú jù ni ẹyẹ fẹ́ lọ. Ó gbé àgò yìí lọ sínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti ń fi iná ṣe àfarawé ìràwọ̀ sí abẹ́ òrùlé róbótó. Nínú àwọn ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ láìjẹ́ kí wọ́n rí ojú ọ̀run, ó jẹ́ kí ọ̀wọ́ kan máa wo ọ̀run tó ń yí bó ṣe ń yí lóòótọ́, yípo ìràwọ̀ àríwá. Ọ̀wọ́ kejì, ó mú kí gbogbo ọ̀run máa yípo ìràwọ̀ pupa tí à ń pè ní Bẹtẹlíjúsì. Nígbà tí àkókò ìrìn-àjò dé, ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn sí ìràwọ̀ àríwá, wọ́n dojú kọ gúúsù. Ọ̀wọ́ kejì kọ ẹ̀yìn sí Bẹtẹlíjúsì! Àwọn tí kò rí ìràwọ̀ kankan rí kò mọ apá kan yàtọ̀ sí ìkejì. Nítorí náà, ẹyẹ kò bí orúkọ ìràwọ̀ mọ́ra. Ohun tó bí mọ́ra ni pé kó wá ojú kan tí ọ̀run ń yípo tí ojú náà kò sì kúrò níbi tó wà, kó sì pe ibẹ̀ ní àríwá.

Ṣùgbọ́n ìkùukùu lè bo ìràwọ̀. Ní Fráńkfọ́ọ̀tì, Friedrich Merkel àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Wolfgang Wiltschko, kíyè sí i pé ẹyẹ rọ́bìn tí wọ́n tì mọ́ yàrá tí kò rí oòrùn, tí kò rí ìràwọ̀, ṣì ń ta sí apá tó tọ́. Wọ́n fi wáyà tí wọ́n lọ́ róbótó yí àgò ká, wọ́n gbé iná mọ̀nàmọ́ná sí i, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ yí àríwá òòfà padà. Rọ́bìn bá a yí. Agbára òòfà ilẹ̀ ayé ló ń tẹ̀ lé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ilẹ̀ wa nìyí. Ní ọdún 1972, Wiltschko àti ìyàwó rẹ̀, Roswitha, fi hàn pé kọ́ńpáàsì ẹyẹ kò rí bíi tiwa. Abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tiwa mọ àríwá yàtọ̀ sí gúúsù. Ẹyẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ fojú inú wo agbára òòfà bí okùn tí wọ́n nà: ní Fráńkfọ́ọ̀tì, okùn náà dà, ó fi orí wọ ilẹ̀ níhà àríwá. Ohun tí ẹyẹ ń wò ni ìhà tí okùn ti wọ ilẹ̀, ibẹ̀ ni "apá orí ayé," òdìkejì rẹ̀ ni "apá àárín ayé." Nígbà tí wọ́n yí bí okùn ṣe dà padà, tí wọn kò fọwọ́ kan àríwá rẹ̀ rárá, rọ́bìn kọjú sí òdìkejì. Nígbà tí wọ́n sì tẹ́ okùn náà pẹrẹsẹ, ẹyẹ dàrú.

Ibi tí okùn náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ilẹ̀ ayé wà. Ó gba àríwá Nàìjíríà kọjá. Nílẹ̀ Yorùbá níbí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pátápátá. Ẹyẹ tó bá ti Yúróòpù wá tí ó fẹ́ kọjá lọ sí gúúsù síwájú sí i ń bọ̀ wá bá ibi tí kọ́ńpáàsì rẹ̀ kò ti fọhùn. Tó bá wò ó fún ìràwọ̀ àríwá, ìràwọ̀ yẹn ò ga lójú wa, kò ju nǹkan bí ìwọ̀n 7 lọ sókè ilẹ̀ ní Ìbàdàn. Eruku ọyẹ́ sì lè bò ó. Àwọn Wiltschko dán èyí wò ní ọdún 1992 pẹ̀lú ẹyẹ kékeré kan tó máa ń wá lo ìgbà òtútù ní Áfíríkà. Wọ́n kọ́kọ́ fi í sínú okùn tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà tí wọ́n dá a padà sínú irú agbára òòfà ti Jámánì, kò kọjú sí gúúsù mọ́, àríwá ló dojú kọ, ìyẹn "apá orí ayé." Ó yé e pé òun ti kọjá àárín. Bí ẹyẹ tó ti kọjá àárín bá sì wá ń lọ sí apá orí ayé, gúúsù náà ló ń lọ.

Kọ́ńpáàsì yìí lè bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ní yunifásítì ìlú Oldenburg, àwọn rọ́bìn tí Henrik Mouritsen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dán wò nínú ahéré onígi kò mọ apá kankan rárá. Wọ́n yí oúnjẹ padà, wọ́n yí iná padà, kò sí ìyàtọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi irin alumíníọ́mù bo ahéré náà, wọ́n so ó mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú wáyà, àwọn ẹyẹ sì mọ àríwá lójú ẹsẹ̀. Wọ́n já wáyà náà, wọ́n tún dàrú. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni ariwo ìgbì tí ẹ̀rọ oníná àti rédíò ìgbà àtijọ́ ń tú sí afẹ́fẹ́ ìlú. Kì í ṣe fóònù alágbèéká, ìgbì tirẹ̀ ga ju ìyẹn lọ. Ariwo náà kéré gan-an sí òdiwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ fún ààbò èèyàn. Wọ́n gbé àwọn ẹyẹ lọ sí ẹ̀yìn ìlú láìbo nǹkan kan, ara wọ́n yá. Ní ọdún 2014 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti tún un ṣe ní ọ̀pọ̀ ìgbà láìjẹ́ kí ẹni tó ń ka àmì ẹsẹ̀ ẹyẹ mọ èyí tí wọ́n bò àti èyí tí wọn ò bò.

Oòrùn, ìràwọ̀, òòfà: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kọ́ńpáàsì ni wọ́n. Báwo wá ni àgbà sítálìn ṣe mọ̀ pé Swítsálándì kì í ṣe Họ́láǹdì? Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí èyí: àwọn kan ní òórùn ni, àwọn kan ní bí agbára òòfà ṣe ń yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì ni. Nípa ìrìn-àjò tó sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ ṣe kedere díẹ̀. Ẹyẹlé kì í ṣí kiri bíi tàwọn yòókù, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Oxford so ẹ̀rọ tó ń tọ́ka ibi tí nǹkan wà mọ́ wọn lẹ́yìn, wọ́n rí i pé àwọn ẹyẹlé kan ń tẹ̀ lé ojú títì, wọ́n tún ń yà ní oríta. Ọ̀nà tí kálukú ti mọ́ lára ló ń gbà, ì báà jìn ju ọ̀nà tààrà lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ sítálìn tó ṣìnà. Àwọn tí kò kú nínú wọn padà sí apá ilẹ̀ tí wọ́n ti bí wọn nígbà tí òtútù tán. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n tún gbéra, àwọn mìíràn nínú wọn kò bá àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ sí Ìgìláńdì mọ́. Sípéènì ni wọ́n tún gbà lọ. Ibi tí wọ́n ṣèèṣì dé lọ́dún àkọ́kọ́ ti di ibi tí wọ́n mọ̀.