Supertrend: Bí Iye Ìsọdipúpọ̀ Ṣe Ń Yí Àmì Rẹ̀ Padà

Supertrend jẹ́ atọ́ka kan tí àwọn tó ń ra ìpín ìdókòwò, tàbí tí wọ́n ń ṣe pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè, máa ń fà sórí ṣáàtì. Ìlà kan ṣoṣo ni. Bí ọjà bá ń gòkè, ìlà náà á wà nísàlẹ̀ àwọn kándù, àwọ̀ ewé ni wọ́n sì sábà máa ń fún un. Bí ọjà bá ń wálẹ̀, á bọ́ sókè, á di pupa. Ìgbà tí ìlà bá fò láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ni àmì yọ: ó fò sísàlẹ̀, àmì rírà nìyẹn, ó fò sókè, ó ní kéèyàn tà. Olivier Seban, oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n máa ń sọ pé ó ṣe é. Àmọ́ ATR tó wà nínú rẹ̀ ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. J. Welles Wilder, ará Amẹ́ríkà, ló gbé ATR jáde nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1978, ìwé kan náà tó ti gbé RSI jáde.

Nọ́ńbà méjì ni Supertrend ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lò ó. Àkọ́kọ́ ni iye ọjọ́ tí a ó fi ṣírò ATR, èkejì ni iye ìsọdipúpọ̀. Lórí TradingView, 10 àti 3 ni èèyàn máa bá nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í fọwọ́ kàn wọ́n rárá. Àwọn tó bá sì fọwọ́ kàn wọ́n, èkejì ni wọ́n sábà máa ń yí, ohun tí wọ́n sì máa ń gbọ́ ni pé iye kékeré wà fún ẹni tó ń kánjú, iye ńlá wà fún onísùúrù. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó fi ibi tó ń dun àpò pamọ́.

Bí wọ́n ṣe ń rí ìlà náà

ATR ni ìpíndọ́gba bí iye ọjà ṣe ń fẹ̀ tó lójúmọ́. Wilder rí i pé kò tó kéèyàn kàn yọ iye tó kéré jù lọ lọ́jọ́ náà kúrò nínú èyí tó ga jù lọ, torí ọjà máa ń fò nígbà tí ìlẹ̀kùn bá wà ní títì. Ká sọ pé ìpín kan pa ní náírà 100 lánàá. Lónìí ó ṣí ní 103, kò wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dé 105. Láàárín ọjọ́ náà, náírà 2 péré ló fi rìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìpín náà lọ́wọ́ láti àná mọ̀ pé náírà 5 ló fi yàtọ̀. Èyí tó tóbi jù lọ nínú àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí ni ìfẹ̀ gidi ọjọ́ náà:

```
TR  = max(H - L, |H - C1|, |L - C1|)
ATR = (ATR1 × 9 + TR) / 10
```

H ni iye tó ga jù lọ, L ni èyí tó kéré jù lọ, C1 ni iye tí ọjà pa lé lánàá, ATR1 sì ni ATR àná. Bí ATR àná bá jẹ́ náírà 2, tòní á jẹ́ 18 àti 5 lórí 10, ìyẹn náírà 2.30. Ọjọ́ kan ṣoṣo kò lè ṣí ATR nípò lọ títí, àmọ́ ó lè tì í díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, a ó wá iye àárín ọjọ́ náà. 105 àti 103, pín in sí méjì, náírà 104. A ó sọ ATR di púpọ̀ pẹ̀lú iye tí a yàn, a ó fi kún iye àárín fún ìlà òkè, a ó sì yọ ọ́ kúrò fún ìlà ìsàlẹ̀. Pẹ̀lú 3, ìlà ìsàlẹ̀ á wà ní náírà 97.10. Pẹ̀lú 2, á wà ní 99.40.

Òfin kan wà tó sọ ìlà yìí di Supertrend. Níwọ̀n ìgbà tí ọjà bá ṣì ń pa lókè ìlà ìsàlẹ̀, ìlà náà lè gòkè, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ padà sẹ́yìn. Bí ìṣirò òní bá gbé e sísàlẹ̀ ju tàná lọ, tàná ló dúró. Ìlà òkè náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀, ó lè wálẹ̀, kò lè gòkè padà àfi tí ọjà bá ti pa lókè rẹ̀. Iye tí ọjà pa lé nìkan ló sì lè mú kí ìlà fò. Kándù tí kò tíì parí lè fi àmì hàn ní aago mọ́kànlá àárọ̀, kí àmì náà pòórá kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ń pariwo pé Supertrend ń yí ọ̀rọ̀ padà, ó sábà máa ń jẹ́ pé kò dúró kí ọjọ́ parí ni.

Ohun tí iye ìsọdipúpọ̀ ń ṣe gan-an

Ọjà kì í lọ tààrà. Ó ń fì: á gun láti ìsàlẹ̀ kan dé orí kan, á tún padà. Bí iye ìsọdipúpọ̀ bá jẹ́ 2, Supertrend kò ní fún wa ní àmì rírà àfi tí ọjà bá ti kúrò ní ìsàlẹ̀ ìfì náà pẹ̀lú ATR méjì. Kò sì ní sọ pé ká tà àfi tí ọjà bá ti já kúrò lórí pẹ̀lú ATR méjì mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń san owó náà, lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé àti lẹ́nu ọ̀nà àbájáde. Nítorí náà, ohun tí ìfì kan lè mú wá fún wa kò ju èyí lọ:

```
èrè = ìfì - 2 × m × ATR
```

Ibi tí m jẹ́ iye ìsọdipúpọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ATR sí náírà 2, ká gbà pé kò yí padà, ká sì máa wo iye àárín ọjọ́ nìkan.

Ìfì àkọ́kọ́: ọjà kúrò ní náírà 100, ó dé 105, ó padà sí 100. Fún ẹni tó ń lo 2, ìlà òkè wà ní 104. Ọjà pa lókè rẹ̀, ó rà. Nígbà tí ọjà dé 105, ìlà ìsàlẹ̀ ti gun dé 101. Ọjà pa nísàlẹ̀ rẹ̀, ó tà. Ó ra ní nǹkan bíi 104, ó tà ní nǹkan bíi 101, náírà 3 lọ lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, a kò tíì ka owó alágbàtà. Ẹni tó ń lo 3 kò gbọ́ nǹkan kan. Ìlà òkè rẹ̀ wà ní 106, ọjà kò débẹ̀.

Níbí ni ọ̀pọ̀ àlàyé máa ń dúró sí, tí wọ́n á sì ní 3 ló sàn jù. Ẹ wo ìfì kejì: láti 100 dé 110, kó tó padà. Ẹni tó ń lo 2 ra ní 104, ó tà ní 106, ó jèrè náírà 2. Ẹni tó ń lo 3 ra ní 106, ìlà ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gun dé 104 péré, ibẹ̀ ló ti tà. Ó pàdánù náírà 2 lórí ìfì kan náà tí ẹnìkejì rẹ̀ fi jèrè. Ìgbà tí ọjà bá gun dé 120 ni àwọn méjèèjì tó rí jẹ, 12 fún ti 2, 8 fún ti 3.

Gbogbo iye ìsọdipúpọ̀ ló ní àgbègbè tí ó ti ń pàdánù, àgbègbè náà sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlọ́po m títí dé ìlọ́po m méjì. Pẹ̀lú 2, ìfì tó wà láàárín ATR méjì sí mẹ́rin ló ń jẹ owó. Pẹ̀lú 3, ó di mẹ́ta sí mẹ́fà. Ìfì tó kéré ju àgbègbè yẹn lọ, atọ́ka kò rí i. Èyí tó tóbi jù ú lọ ló ń mú èrè wá. Ẹni tó bá gbé iye rẹ̀ sókè láti sá fún àmì èké ti ṣí àgbègbè náà nípò, ó sì ti mú kó fẹ̀ sí i. Àmì á dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó bá kùnà á dùn ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣáàtì gidi kì í mọ́ tó báyìí. Ọjà máa ń já ìlà kọjá kó tó pa, nítorí náà iye tí a ó rí gbà máa ń burú díẹ̀ ju ti ìlà lọ. ATR náà kì í dúró sójú kan: bí ọjà bá ń jábọ́ pẹ̀lú ipá, ATR á wú, ìlà òkè á jìnnà, àmì rírà tó tẹ̀ lé e á sì pẹ́ kó tó dé. Síbẹ̀ ìṣirò yìí tó láti fi yan iye. Kéèyàn wo ìpín tó fẹ́ rà lórí ṣáàtì ọdún kan tàbí méjì, kó wọn ìfì rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé orí, kó sì pín ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ATR ìgbà náà. Bí púpọ̀ nínú wọn bá ń wà láàárín mẹ́ta sí márùn-ún, 3 kò yẹ ìpín yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló wà nílẹ̀. Èyí sàn ju kéèyàn máa dán 2.6, 2.7 àti 2.8 wò títí ọ̀kan á fi bá ọdún tó kọjá mu.

Lórí ìlà kóòdù, àti lórí ìpín tí kò rìn

Nínú èdè Pine ti TradingView, ìlà kan tó:

```
[ila, iha] = ta.supertrend(3, 10)
```

Ìsọdipúpọ̀ ló ń ṣáájú, iye ọjọ́ ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá kọ ọ́ sódì ti ní ìsọdipúpọ̀ 10 nìyẹn, àmì rẹ̀ yóò sì ṣọ̀wọ́n bí omi ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun kejì tó ń tan èèyàn jẹ ni pé `iha` máa ń jẹ́ -1 nígbà tí ọjà bá ń gòkè, á sì jẹ́ 1 nígbà tó bá ń wálẹ̀.

Fún ẹni tó ń lò ó lórí ọjà ìpín ìdókòwò Èkó, ewu kan wà tí iye ìsọdipúpọ̀ kankan kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìpín ibẹ̀ lè lo ọjọ́ púpọ̀ láìsí ẹni tó rà tàbí tà. Bí ẹni tó ń pèsè dátà bá fi iye àná kún àwọn ọjọ́ náà, H, L àti C1 á jẹ́ ọ̀kan náà, TR á di òdo, ATR á sì máa fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dínkù lójúmọ́. Ní ọjọ́ keje, náírà 2 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 0.96. Ìlà ìsàlẹ̀ tó wà ní 94 pẹ̀lú ìsọdipúpọ̀ 3 á ti gun dé 97.13, láìjẹ́ pé ọjà kúrò ní 100 rárá, òfin sì ti ní kò gbọdọ̀ padà. Lọ́jọ́ kẹjọ, bí ẹnì kan bá ta ìwọ̀nba ìpín ní 97, tí ọjà sì fi ibẹ̀ pa, àmì títà yọ. Nǹkan bí ìlọ́po 1.4 ti ATR àtijọ́ ló wà níbi tí oní ṣáàtì rò pé 3 wà. Ìlà tó ń gòkè lórí kándù tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni èèyàn á fi dá a mọ̀, ó sì máa ń hàn kedere bí a bá gbé ATR fúnra rẹ̀ sísàlẹ̀ ṣáàtì.