Ìtàn bí Windows ṣe ń kúrò lórí BIOS àtijọ́ bọ́ sórí UEFI láìpàdánù ohun inú dísìkì

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà aládàáni rẹ̀ jáde ní ọdún 1981, ètò kékeré kan tí ń jẹ́ BIOS ni wọ́n fi sínú bọ́ọ̀dù rẹ̀, kí ó máa jí àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ náà, kí ó sì wá ètò tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1983, nígbà tí PC DOS 2.0 bẹ̀rẹ̀ sí í lo dísìkì líle, wọ́n ṣètò pé kí báìtì 512 tó ṣáájú lórí dísìkì, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MBR, máa gbé ohun méjì: ètò kúkúrú tí BIOS yóò kà tí yóò sì fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́, àti àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe pín dísìkì náà, tí kò ní àyè ju ìpín mẹ́rin lọ. BIOS kì í béèrè ẹni tó kọ ètò náà. Ohunkóhun tó bá bá níbẹ̀ ló máa ń ṣe, ì báà jẹ́ ti Windows, ì báà jẹ́ kòkòrò tó ti gba ipò rẹ̀.

Intel bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí arọ́pò BIOS ní ìparí àwọn ọdún 1990 nítorí ẹ̀rọ Itanium rẹ̀, iṣẹ́ náà sì bọ́ sọ́wọ́ àjọ UEFI ní ọdún 2005. UEFI kì í wá ètò nínú báìtì àkọ́kọ́ mọ́. Ìpín kékeré kan tí ń jẹ́ ESP ló máa ń ṣí, inú rẹ̀ ló sì ti ń mú fáìlì tó ń jí Windows, ìyẹn `\EFI\Microsoft\Boot\bootmgfw.efi`. Àkọsílẹ̀ ìpín tuntun tó bá a rìn ni GPT, tí Windows ń gba ìpín 128 lórí rẹ̀. Secure Boot wọ inú ìlànà náà ní ọdún 2011. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ yẹ ìbuwọ́lù fáìlì wò kí ó tó gbà á láàyè: àwọn tí ẹ̀rọ fọkàn tán wà nínú àkójọ tí ń jẹ́ db, àwọn tí wọ́n ti lé dànù wà nínú dbx. Ní ọdún 2012, pẹ̀lú Windows 8, Microsoft sọ ọ́ di dandan fún kọ̀ǹpútà tuntun tó bá fẹ́ gba àmì ìfọwọ́sí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò fi Windows 7 sílẹ̀, Windows 7 kò sì mọ Secure Boot. Nítorí náà ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fi ètò kan tí ń jẹ́ CSM sínú UEFI, tí ń ṣe bí BIOS àtijọ́ fún ètò tó bá ṣì ń wá a. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun, wọ́n sì fi Windows 7 sórí MBR nínú rẹ̀. Nígbà tí Windows 10 dé ní ọdún 2015, tí wọ́n gbé e lé orí ti tẹ́lẹ̀, MBR náà ni ó bá níbẹ̀, òun náà ló sì ń lò lọ. Báyìí ni ẹ̀rọ tó lè ṣe Secure Boot ṣe wà lábẹ́ ètò ọdún 1983. Ọ̀nà tí Microsoft ní nígbà náà láti yọ ọ́ kúrò ni kí wọ́n nu dísìkì mọ́ pátápátá, kí wọ́n sì tún fi Windows sí i. Ọdún 2017 ni ètò tí ń jẹ́ MBR2GPT bá ẹ̀dà 1703 ti Windows 10 wá. Kì í fọwọ́ kan fáìlì oníkọ̀ǹpútà: yóò bu mẹgabáìtì 100 lára ìpín tí Windows wà, yóò fi ṣe ESP, yóò kó fáìlì ìjí tuntun síbẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá kọ GPT rọ́pò MBR.

Kọ̀ǹpútà ThinkPad kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2013, tó bá Windows 7 wá tí wọ́n sì ti sọ di Windows 10, yóò fi ibi tí iṣẹ́ náà ti máa ń há hàn. Tí wọ́n bá tẹ `msinfo32`, yóò kọ `Legacy` síwájú `BIOS Mode`. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì sórí dísìkì ìta, tí wọ́n sì ti dá BitLocker dúró fún ìgbà díẹ̀ bó bá ń ti dísìkì náà, wọn yóò ṣí fèrèsé àṣẹ ní ipò alábòójútó, wọn yóò sì ní kí ètò náà kọ́kọ́ yẹ dísìkì wò láìyí ohunkóhun padà:

```
mbr2gpt /validate /disk:0 /allowFullOS
```

Ó ṣeé ṣe kí èsì rẹ̀ jẹ́ `Disk layout validation failed for disk 0`. Dísìkì kò bàjẹ́. Ìpín mẹ́ta péré ni MBR2GPT ń gbà, nítorí ó gbọ́dọ̀ rí àyè fún ESP, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ yìí ti ní mẹ́rin: ìpín ìjí, ìpín Windows, ìpín àtúnṣe tí Windows 10 dá sílẹ̀ nígbà tó wọlé, àti ìpín tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ fi Windows 7 pamọ́ sí. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni kò wúlò mọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n fi ojú lásán yàn án. Àṣẹ `reagentc /info` yóò sọ nọ́ńbà ìpín tí àtúnṣe Windows 10 ń lò. Bí ó bá kọ `partition3`, a jẹ́ pé ìpín kẹrin ni wọ́n lè fi `diskpart` yọ. Tí àyẹ̀wò bá wá kẹ́sẹ járí, wọn yóò fi `/convert` rọ́pò `/validate` nínú àṣẹ kan náà, kí wáyà iná sì wà lára kọ̀ǹpútà títí yóò fi parí.

Láti ìgbà náà lọ, ipò àtijọ́ kò lè jí Windows mọ́. Wọn yóò tún ẹ̀rọ náà tàn, wọn yóò tẹ F1, wọn yóò sì yí `UEFI/Legacy Boot` sí `UEFI Only` nínú ojú ìwé `Startup`, kí `CSM Support` sì di `No`. Ẹni tó bá ṣe èyí ṣáájú ìyípadà dísìkì kò tíì ba nǹkan jẹ́. Windows kò ní jí, yóò sì tún jí bó bá dá a padà. Ohun tó léwu jù níbí ni kí ènìyàn dá gbogbo ètò inú bọ́ọ̀dù padà sí bó ṣe wà nígbà tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, nítorí ó lè yí ọ̀nà tí bọ́ọ̀dù ń gbà bá dísìkì sọ̀rọ̀ padà pẹ̀lú. Ojú búlúù tó kọ `INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE` ni àmì rẹ̀, ìwòsàn rẹ̀ sì ni kí wọ́n dá ètò SATA padà sí èyí tó wà tẹ́lẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n nu dísìkì. Windows oníbíìtì 32 kò sì ní jí rárá lórí UEFI oníbíìtì 64, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n ti mọ èyí tí wọ́n ní kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ó dára kí Windows jí lẹ́ẹ̀kan lórí UEFI, kí `msinfo32` sì kọ `UEFI`, kí wọ́n tó fọwọ́ kan Secure Boot. Bí nǹkan bá dàrú, ìyípadà tó dà á rú yóò hàn gbangba. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò padà sí ojú ìwé `Security`, tí wọn yóò sì yí `Secure Boot` sí `Enabled`. Bí ẹ̀rọ bá sọ pé òun wà ní `Setup Mode`, kọ́kọ́rọ́ kò sí nínú rẹ̀ ni, `Restore Factory Keys` ló sì máa dá wọn padà. Nínú PowerShell alábòójútó, àṣẹ `Confirm-SecureBootUEFI` yóò dáhùn `True`. Èyí kò sọ ThinkPad 2013 di ẹ̀rọ tó tó Windows 11 gbà, nítorí Windows 11 tó jáde ní ọdún 2021 tún ń béèrè TPM 2.0 àti ọpọlọ ẹ̀rọ tó tuntun ju tirẹ̀ lọ. MBR2GPT kò sì ní àṣẹ kankan tó lè sọ GPT padà di MBR. Ẹ̀dà tí wọ́n ṣe sórí dísìkì ìta ni ọ̀nà ìpadà tó ṣeé gbára lé.