Ọjọ́ wo ni ọjọ́ náà bọ́ sí? Bí a ṣe lè fi orí lásán yẹ déètì ìtàn ìlú wa wò

Láti ìgbà tí a ti ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan fi ìtàn tirẹ̀ ránṣẹ́, déètì ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù lórí gúrúùpù. Ẹnì kan á ní ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ra ilẹ̀, ìwé á ní déètì báyìí, ẹlòmíràn á ní irọ́ ni. Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mọ ọjọ́ tí déètì kan bọ́ sí láìfọwọ́ kan fóònù. Ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ìṣirò ará Ìlú Ọba kan, John Conway, ló gbé e jáde ní 1973. Ó tẹ̀ lé iṣẹ́ tí Lewis Carroll, òǹkọ̀wé ìtàn àwọn ọmọdé, ti tẹ̀ jáde ní 1887. Conway pe ọjọ́ pàtàkì inú ọgbọ́n yìí ní ọjọ́ ìdájọ́. Èmi ò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, ọjọ́ òpó ni màá máa pè é níhìn-ín.

Òye rẹ̀ ni pé lọ́dọọdún, àwọn déètì kan wà tí gbogbo wọn máa ń bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà, 8/8, 10/10 àti 12/12: bí ọ̀kan bá jẹ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo wọn ni Ìṣẹ́gun. Nínú àwọn oṣù yòókù, 9/5 àti 5/9 wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni 7/11 àti 11/7. Ṣé ẹ rí i pé wọ́n kàn yí ara wọn padà ni? Ti oṣù kẹta ni 7/3. Ti oṣù kejì ni ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú rẹ̀, ti oṣù kìíní sì ni ọjọ́ kẹta, àfi tó bá jẹ́ ọdún tí oṣù kejì ní ọjọ́ 29, nígbà náà ó di ọjọ́ kẹrin.

Ó wá ku ká mọ ọjọ́ òpó ọdún náà. Ẹ há mẹ́ta yìí sórí: 1800, Ẹtì, 1900, Ọjọ́rú, 2000, Ìṣẹ́gun. Lọ́dọọdún, ọjọ́ òpó máa ń sún síwájú ní ẹyọ kan, nítorí ọjọ́ 365 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 52 àti ọjọ́ kan lé. Bí oṣù kejì bá ní ọjọ́ 29, ó sún ní méjì. Nínú ọdún 12, ó ti sún ní 15, ìyẹn ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ kan. Torí náà, ọdún 12 kọ̀ọ̀kan, ẹ kà á sí ẹyọ kan péré. Ibi tí ìṣirò náà ti rọrùn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ṣe é, 27/5/1967. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni agbègbè wa wà, kì í ṣe abẹ́ Èkó. Ẹ mú 67. Méjìlá mélòó ló wà nínú rẹ̀? Márùn-ún, ó ku 7. Mẹ́rin mélòó ló wà nínú 7? Ẹyọ kan. Ẹ ro ó pọ̀: 5, 7 àti 1 jẹ́ 13. Ẹ yọ 7 kúrò, ó ku 6. Láti Ọjọ́rú, ẹ ka mẹ́fà síwájú: Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun. Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ òpó 1967. Nínú oṣù karùn-ún, 9 ni òpó, torí náà 16, 23 àti 30 náà jẹ́ Ìṣẹ́gun. Láti 30, ẹ padà sẹ́yìn: 29 Ajé, 28 Àìkú, 27 Àbámẹ́ta. Sátidé ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ọjọ́ 30 yẹn gan-an, Ìṣẹ́gun, ni Ojúkwu kéde Bìáfírà.

Ibi tí àwa Yorùbá ti máa ń ṣì í nìyí o. Nínú ìkà ilé wa, a máa ń ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ la ń sọ ọ́ lórúkọ, Ìṣẹ́gun náà ló sì máa ń bọ́ sí. Nínú ìṣirò yìí, méje péré ni ìyẹn. Tí ẹ bá ka Ọjọ́rú mọ́ mẹ́fà òkè yẹn, Ajé lẹ máa dé, gbogbo rẹ̀ á sì fi ọjọ́ kan yẹ̀.

Àṣìṣe kejì wà nínú oṣù kìíní àti ìkejì. Ẹ wo 13/2/1976, ọjọ́ tí wọ́n pa Múrítàlá Mùhámọ́ọ̀dù. Nínú 76, méjìlá mẹ́fà wà, ó ku 4, mẹ́rin ẹyọ kan wà nínú ìyẹn; àpapọ̀ 11, ẹ yọ 7, ó ku 4. Láti Ọjọ́rú, mẹ́rin síwájú jẹ́ Àìkú. Oṣù kejì ọdún yẹn ní ọjọ́ 29, torí náà 29, 22 àti 15 jẹ́ Àìkú, 13 sì jẹ́ Ẹtì. Gbogbo àgbà ló mọ̀ pé Fúráìdè ni lóòótọ́. Ẹni tó bá gbàgbé tó fi 28 ṣe òpó á bọ́ sí Sátidé.

Tí ìwé àti ẹnu àgbà ò bá dọ́gba ńkọ́? Ká ní baba kan ń jẹ́ Jímọ̀ọ́ torí pé ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n bí i, ìwé ìbúra ọjọ́ orí rẹ̀ sì sọ pé 7/7/1949. Ọjọ́ òpó 1949 jẹ́ Ajé, 11/7 jẹ́ Ajé, 4/7 náà jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí náà 7/7 jẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ má tíì ní baba purọ́. Ẹ bi wọ́n bóyá alẹ́ ni wọ́n bí wọn, nítorí lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, bí oòrùn bá ti wọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, Jímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ìṣirò lè sọ kò ju pé ọjọ́ àti déètì ò bára mu. Kò lè sọ èyí tó ṣì nínú méjèèjì. Bí wọ́n bá sì bára mu, ẹ má tíì fò sókè, torí ẹni tó kàn méfò náà á gbà á lẹ́ẹ̀kan nínú méje.

Èyí tó yẹ kí àwọn tó ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ṣọ́ jù ni 1 àti 7. Nínú ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ tó ti ń parẹ́, méjèèjì jọra. Ká ní ìwé kan kà báyìí: Sátidé, 12/8/196-, nọ́ńbà tó kẹ́yìn ò sì hàn dáadáa. Ẹ ṣe ti 1961: méjìlá márùn-ún, ó ku 1, àpapọ̀ 6, Ìṣẹ́gun. 1967 náà, Ìṣẹ́gun ni a rí lókè. 8/8 jẹ́ Ìṣẹ́gun nínú ọdún méjèèjì, 12/8 jẹ́ Sátidé nínú méjèèjì. Ọgbọ́n Conway ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Owó inú rẹ̀ náà ò lè ràn wá lọ́wọ́, torí pọ́n-ùn ni wọ́n ń ná títí náírà fi dé ní 1/1/1973. Ẹ wo orí ìwé àti òǹtẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí orúkọ Ìpínlẹ̀ Èkó níbẹ̀, kò lè jẹ́ 1961, nítorí lọ́dún yẹn ìpínlẹ̀ náà ò tíì sí. Torí náà, bí ẹ bá ń ya àwòrán ìwé ránṣẹ́ sí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé orí rẹ̀ àti òǹtẹ̀ dànù.